Ìlànà Ìsinmi Ìbímọ: Ọjọ́ Wo Ni Kíkà Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ìlànà ìsinmi ìbímọ ló máa ń kọ iye ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ gbangba, àmọ́ wọn kì í sọ ọjọ́ tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni aáwọ̀ ti ń wá. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọjọ́ tí wọ́n gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, ọjọ́ tí dókítà ní ká máa retí ọmọ, ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí ọmọ wáyé gan-an. Nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọ ìlànà gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́ ní ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta, 2026. Dókítà ní kó máa retí ọmọ ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹsàn-án. Ìlànà ibi iṣẹ́ rẹ̀ kà báyìí: «Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù mẹ́fà yóò gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14 pẹ̀lú owó oṣù. Ìsinmi náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìbímọ.»

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló kọ́kọ́ díjú. Oṣù mẹ́fà obìnrin yìí pé ní ọjọ́ 8, Oṣù Kẹsàn-án. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi wọn oṣù mẹ́fà náà, ìyẹn ọjọ́ 31, Oṣù Kẹjọ, kò tíì pé, kò sì ní gba owó. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ó ti pé. Gbólóhùn kan náà ni, ìdáhùn rẹ̀ sì di méjì. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni: «A ó ka oṣù mẹ́fà náà títí di ọjọ́ tí dókítà kọ pé a ń retí ọmọ.» Ọjọ́ yẹn ló dára jù, nítorí pé ìwé dókítà ló fi í hàn, kò sì yí padà bí obìnrin náà bá yan ọjọ́ mìíràn láti bẹ̀rẹ̀ ìsinmi.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó pa pọ̀: ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti ẹ̀tọ́ sí owó. Iye oṣù tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ lè nípa lórí owó, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n fi lé obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Abala méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Òfin orílẹ̀-èdè ló sì wà lókè ìlànà ibi iṣẹ́: ìlànà lè fi kún ohun tí òfin fúnni, kò lè yọ kúrò nínú rẹ̀.

Wàyí o, ọmọ pẹ́. Ọjọ́ 23, Oṣù Kẹsàn-án ló wáyé, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí tí wọ́n ń retí. Tí wọ́n bá ka ọ̀sẹ̀ 14 gbọnrangandan láti ọjọ́ 31, Oṣù Kẹjọ, ìsinmi parí ní ọjọ́ 6, Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ 84 ló yẹ kó lò lẹ́yìn ìbímọ, 75 ló kù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi dúró de ọmọ ti jẹ nínú ọjọ́ tó yẹ kí ara rẹ̀ fi bọ̀ sípò. Àdéhùn 183 tí Àjọ Àgbáyé tó ń rí sí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe lọ́dún 2000 ti yanjú èyí. Ó ní ìsinmi kò gbọ́dọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 14, ó sì ní kí wọ́n fi ọjọ́ tí ọmọ fi pẹ́ kún apá tó ṣáájú ìbímọ, láì dín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pọn dandan lẹ́yìn ìbímọ kù.

Gbólóhùn tó yẹ nìyí: «Bí ọmọ bá pẹ́ ju ọjọ́ tí a ń retí lọ, a ó fi iye ọjọ́ náà kún ìsinmi. Bí ọmọ bá dé kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, ìsinmi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bí i, yóò sì pé ọ̀sẹ̀ 14 láti ọjọ́ náà.» Nípa bẹ́ẹ̀, ìsinmi obìnrin wa parí ní ọjọ́ 15, Oṣù Kejìlá, ó sì wọlé iṣẹ́ ní ọjọ́ 16. Ká ní ọjọ́ 20, Oṣù Kẹjọ ni ọmọ dé ni, ọjọ́ 25, Oṣù Kọkànlá ni ìsinmi ì bá parí. Kí ìlànà sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ọmọ bá kú sínú tàbí lẹ́yìn ìbí. Ìdílé tó wà nínú ọ̀fọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bá ṣàríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Ní ti ìfitónilétí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ tí ìsinmi máa bẹ̀rẹ̀ tó láti wá ẹni tó máa dele. Kí ó jẹ́ lẹ́tà, kí ọjọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ àti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsinmi wà nínú rẹ̀, kí ìwé dókítà sì bá a rìn. Ibi tí ìlànà ti sábà máa ń burú ni gbólóhùn bíi «ẹni tí kò bá fi tó wa létí ti pàdánù ìsinmi rẹ̀». Oyún lè mú àìsàn wá lójijì. Ẹ kọ ọ́ pé: «Bí ìfitónilétí kò bá ṣeé ṣe lásìkò, kí òṣìṣẹ́ ṣe é ní kété tó bá ti ṣeé ṣe, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò yẹ̀.» Kí agbanisíṣẹ́ náà fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, kí ó kọ ọjọ́ ìpadàsẹ́nu iṣẹ́ sínú èsì rẹ̀.

Ìsinmi bàbá ọmọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ó ní ọ̀fìn tirẹ̀. «Ọjọ́ mẹ́wàá» tí kò sọ bóyá ọjọ́ iṣẹ́ ni tàbí ọjọ́ lásán yóò dá awuyewuye sílẹ̀. Láti ọjọ́ 23, Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́wàá lásán parí ní ọjọ́ 2, Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ péré ló sì wà nínú rẹ̀ níbi tó jẹ́ pé Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni wọn kì í ṣiṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá parí ní ọjọ́ 6. Kò tún yẹ kí wọ́n ní kí bàbá dárúkọ ọjọ́ pàtó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, nítorí pé ọmọ kò mọ kàlẹ́ńdà. Kí ó sọ ọjọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ, kí ìsinmi rẹ̀ sì máa dúró de ọjọ́ ìbí gan-an. Ohun tó kù kó ṣe ni pé kó ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọ dé.

Nígbà ìpadàsẹ́nu iṣẹ́, ẹ yẹra fún «a ó wá iṣẹ́ tó bá yẹ fún un». Gbólóhùn yẹn fún ọ̀gá láyè láti gbé e sípò tó rẹlẹ̀. Àdéhùn 183 sọ pé sí ipò rẹ̀ àtijọ́ ni yóò padà, tàbí sí ipò tó bá a dọ́gba pẹ̀lú owó kan náà. Ẹ kọ ohun tí «dọ́gba» túmọ̀ sí: owó oṣù, ìpele, ibi iṣẹ́ àti wákàtí iṣẹ́. Àdéhùn náà tún fún un ní àsìkò láti fún ọmọ lọ́mú lójoojúmọ́, wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n sì máa ka àsìkò náà sí. Kí ìlànà kọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ àti yàrá tó ti máa ṣe é, kí ó má bàa di ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá lójoojúmọ́.

Ó ku ìwé àdéhùn ẹni tó ń dele. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ adelé náà parí ní ọjọ́ 6, Oṣù Kejìlá, ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọmọ fi pẹ́ yóò bá ibi iṣẹ́ láìsí èèyàn, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá ọmọ nílé. Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ adelé parí ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá padà, kí ẹ sì fi ọjọ́ tó jìnnà jù lọ tó lè jẹ́ síbẹ̀.