Pọ́ntọ̀ Láìpọ́njú: Ohun Tí Oògùn Ikọ́ Ife Ń Ṣe Lára

Kí ilẹ̀ ọjọ́ tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ife tó ṣú, ìtọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n bí omi ọsàn. Itọ́ ẹnu lè pọ́n bákan náà, omijé pẹ̀lú, débi pé awò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyin ojú lè gba àwọ̀ tí kò ní ṣí mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn mìíràn rò pé ẹ̀dọ̀ ti bà jẹ́, wọ́n sì da oògùn nù lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ oògùn kan ṣoṣo, rífámpísìn, lásán ni. Pupa ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀, pupa náà ló sì ń bá ìtọ̀ jáde. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lóòótọ́, ìyẹn ló mú kí ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Orúkọ tí a ń pe àìsàn ẹ̀dọ̀ ti sọ ọ́ tán: pọ́njú-pọ́ntọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣàìsàn, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n, ìtọ̀ ọ̀hún á sì ṣú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ti rífámpísìn kì í kan ojú. Ìtọ̀ á pọ́n, funfun ẹyin ojú á mọ́ kedere. Dígí àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè ran ẹni tó ń lo oògùn yìí lọ́wọ́ láti mọ èwo ni tirẹ̀.

Mẹ́rin ni oògùn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: rífámpísìn, àìsonáyásìdì, pirasínámáìdì àti ẹtámbútọ̀l. Wọ́n sábà máa ń po wọ́n pọ̀ sínú hóró kan, tí rífámpísìn inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 150, àìsonáyásìdì 75, pirasínámáìdì 400, ẹtámbútọ̀l 275. Ìwọ̀n ara ló ń sọ iye hóró tí èèyàn máa gbé mì. Ẹni kílò 50 ń lo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó sì dára kí inú ṣófo nígbà tó bá ń lò ó, nítorí oúnjẹ ń dín rífámpísìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n á yọ pirasínámáìdì àti ẹtámbútọ̀l kúrò, méjì tó kù á sì máa bá iṣẹ́ lọ fún oṣù mẹ́rin.

Kí ló dé tí ọ̀kan kò fi tó? Ìṣirò ni. Nínú ihò tí ikọ́ ife gbẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò tó wà níbẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 100. Bí wọ́n ṣe ń pín, àṣìṣe máa ń wọ inú àbùdá wọn, láìjẹ́ pé oògùn kankan ti kàn wọ́n. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, a ó rí ọ̀kan tí àṣìṣe rẹ̀ bọ́ sí ibi tí àìsonáyásìdì kò fi ràn án. Ti rífámpísìn ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bí ọ̀kan nínú mílíọ̀nù 100. Ìyẹn ni pé kí aláìsàn tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, nǹkan bí 100 kòkòrò tí àìsonáyásìdì kò lè pa ti jókòó sínú ihò yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹyọ kan tí rífámpísìn kò lè pa wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a bá fún un ní àìsonáyásìdì nìkan, ara rẹ̀ á yá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ikọ́ á dín kù, ibà á lọ. Àwọn 100 yẹn ní tiwọn á ti ríbi fẹ̀ sí, nítorí oògùn ti pa gbogbo aládùúgbò wọn. Láìpẹ́, àwọn nìkan ni yóò kù, wọ́n á sì ti pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí oògùn méjèèjì kò ràn ní láti ní àṣìṣe méjì papọ̀, kí a tó sì rí irú rẹ̀ kan, a ó ka kòkòrò tó tó mílíọ̀nù 100 lọ́nà mílíọ̀nù kan. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gba iye yẹn. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ àìsonáyásìdì, rífámpísìn á mú un. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ rífámpísìn, àìsonáyásìdì á mú un.

Wọ́n ti rí èyí lójú ayé kí ìṣirò rẹ̀ tó yé gbogbo èèyàn. Ní ọdún 1948, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Bìrìtìkó gbé àbájáde ìdánwò sitireputomáísìn jáde. Wọ́n fún aláìsàn 55 ní oògùn náà, àwọn 52 mìíràn sinmi lórí ibùsùn láìlò ó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 4 ló kú nínú àwọn tó lo oògùn, 14 nínú àwọn tí kò lò ó. Ó dà bí ìyanu. Àmọ́ oògùn kan ṣoṣo ni, kòkòrò tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ̀ ọ́ láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí ọdún márùn-ún sì fi máa pé, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsọ̀rí méjèèjì ti ṣá gidigidi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń so oògùn pọ̀.

Ẹtámbútọ̀l ni olùṣọ́ nínú àwọn mẹ́rin náà. Kò lágbára tó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé kòkòrò tí aláìsàn kó ti kọ àìsonáyásìdì láti ilé ẹni tó kó o ràn án, rífámpísìn kò ní dá nìkan wà lójú ogun.

Ti oṣù mẹ́fà wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti iye oògùn. Kòkòrò ikọ́ ife lọ́ra. Àwọn kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun lè di méjì ní ogún ìṣẹ́jú. Eléyìí ń lò tó wákàtí 18 sí 24. Oògùn apakòkòrò sì sábà máa ń pa kòkòrò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àìsonáyásìdì ń dí i lọ́wọ́ láti mọ ògiri ara rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń mọ ògiri lọ́wọ́ ló ń rí pa, ó sì ń pa wọ́n yára: láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ jù lọ ti lọ. Ìdí nìyí tí ara aláìsàn fi ń tètè yá, òun gan-an ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Àwọn tó kù ti sùn. Wọn kò kọ oògùn, wọn kò kàn ṣe iṣẹ́ tí oògùn lè mú wọn sí ni. Òmíràn wà nínú ibi tó kan bí ọtí kíkan, níbi tí ẹran ara ti wú. Pirasínámáìdì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, ìdí sì nìyí tó fi wúlò jù ní oṣù méjì àkọ́kọ́, kí wíwú náà tó rọlẹ̀. Òmíràn ń jí fún ìgbà díẹ̀, ó tún ń padà sùn. Rífámpísìn ló ń yára tó láti mú irú wọn ní ìwọ̀nba àkókò tí ojú wọn fi là. Oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí oníkálukú wọn bá jí, a kò sì mọ ọjọ́ náà. Kí rífámpísìn tó dé, ìtọ́jú máa ń gba nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. Ó dé, ó di oṣù mẹ́sàn-án. Pirasínámáìdì dara pọ̀, ó di mẹ́fà. Ìlànà oṣù mẹ́rin ti wà báyìí fún àwọn kan, ṣùgbọ́n oògùn inú rẹ̀ kì í ṣe mẹ́rin kan náà fún àgbàlagbà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọ̀nà tó ń gbà da ara láàmú. Àìsonáyásìdì ń jẹ́ kí fítámì B6 dín kù lára, ẹsẹ̀ méjèèjì á wá máa ṣe èèyàn yìnrìnyìnrìn láti ọmọ ìka wá sókè. Fítámì náà gan-an ni ìwòsàn rẹ̀, wọ́n sì ń fún aláboyún, alátọ̀ọ̀gbẹ àti ẹni tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Pirasínámáìdì ń dí kíndìnrín lọ́wọ́ láti da yúríìkì ásíìdì sínú ìtọ̀, oríkèé á sì máa ro. Oògùn ìrora sábà máa ń tó o, kò gba pé kí a dá ìtọ́jú dúró. Ojú ni ẹtámbútọ̀l ń bá jà. Àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé á kọ́kọ́ máa jọra lójú, lẹ́yìn náà lẹ́tà kéékèèké á di bàìbàì. Èyí kò ní sùúrù: ọjọ́ tí aláìsàn bá kíyè sí i ni kó dá a dúró, kó sì lọ rí dókítà, nítorí bó bá pẹ́ jù, ìríran lè má padà. Rífámpísìn ní tirẹ̀ ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè jó àwọn oògùn mìíràn dànù. Obìnrin tó gbẹ́kẹ̀ lé hóró ìfètòsọ́mọbíbí lè lóyún láìrò tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló léwu jù, ká sì wò ó lára ẹni kílò 50 wa yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, oúnjẹ kò wù ú mọ́. Èébì ń gbé e, ó rẹ̀ ẹ́, abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ń dùn ún. Ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì kà á sí. Ará ilé rẹ̀ ló rí i pé ẹyin ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èròjà ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní ALT, tí kò yẹ kó ju nǹkan bí 40 lọ, ti di 310. Bí ó bá ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ tí àmì àìsàn sì wà, tàbí ìlọ́po márùn-ún láìsí àmì kankan, gbogbo oògùn tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni wọ́n ń dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta ni: àìsonáyásìdì, rífámpísìn, pirasínámáìdì. Bí ikọ́ ife náà kò bá le púpọ̀, ẹtámbútọ̀l náà á sinmi, nítorí bí a bá fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò, ìtàn 1948 la fẹ́ tún ṣe yẹn.

Wọ́n dúró títí ALT kò fi tó 80 mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dá oògùn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ mélòó kan láàárín àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, kó lè hàn èyí tó dá ọ̀ràn. Rífámpísìn ló kọ́kọ́ padà, pẹ̀lú ẹtámbútọ̀l, torí pé òun ni kì í sábà ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó àwọn méjì yòókù. Àìsonáyásìdì tẹ̀ lé e, ALT kò gbéra. Ó wá ku pirasínámáìdì. Ìfura bọ́ sórí rẹ̀, nítorí náà wọn kò dán an wò mọ́. Láìsí òun, oṣù mẹ́fà kò tó mọ́, ìtọ́jú náà di oṣù mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ tí rífámpísìn padà wọlé, ìtọ̀ tó ti ń mọ́ bọ̀ tún pọ́n. Aláìsàn náà mú dígí lọ sí ojú fèrèsé, ó fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó dáadáa. Funfun ni.