Iye tó wọ báńkì òṣìṣẹ́ kọ́ ni owó oṣù rẹ̀

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké gbà pé iye tí àwọn fi ránṣẹ́ sí báńkì òṣìṣẹ́ lóṣù ni owó oṣù tí àwọn san. Wọ́n á wo ìwé báńkì, wọ́n á rí i pé ₦166,400 ló jáde, wọ́n á sì kọ ₦166,400 sílẹ̀ bí ìnáwó owó oṣù. Nígbà tó bá di oṣù kejì tí wọ́n wá san owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí, wọ́n á tún kọ ìyẹn náà bí ìnáwó tuntun. Ìwé wọn á bá ìwé báńkì mu, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Síbẹ̀, ìwé náà kò tọ̀nà.

Owó oṣù ni iye tí ẹ bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn rẹ̀, kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tó parí iṣẹ́ oṣù náà ni gbogbo rẹ̀ ti di tirẹ̀. Èyí tí ẹ yọ níbẹ̀ kò padà di ti iléeṣẹ́. Owó ẹni ẹlẹ́ni ni, ẹ kàn gbà á dání títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Nínú ìwé ìṣirò, gbèsè la ń pe irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan ní Nàìjíríà tó ń gba ₦200,000 lóṣù: ìpìlẹ̀ owó oṣù jẹ́ ₦100,000, owó ilé ₦60,000, owó ọkọ̀ ₦40,000. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un, ó kéré tán. Àpapọ̀ ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé. Àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ lé ìpìlẹ̀ nìkan ń dín owó ọjọ́ ogbó òṣìṣẹ́ kù sí ìdajì nínú àpẹẹrẹ tiwa yìí, ohun tó sì ń dunni ni pé òṣìṣẹ́ kì í tètè mọ̀. Ìdá mẹ́jọ ₦200,000 jẹ́ ₦16,000. Ìdá mẹ́wàá agbanisíṣẹ́ jẹ́ ₦20,000.

Ó ku owó orí. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó òṣìṣẹ́ yìí fún ọdún kan jẹ́ ₦2,400,000. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ fún ọdún kan, ₦192,000, ó ku ₦2,208,000. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ₦1,408,000 tó kù, ìyẹn ₦211,200 lọ́dún. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, ó di ₦17,600. Tí òṣìṣẹ́ náà bá fi ẹ̀rí owó ilé tó ń san hàn, owó orí rẹ̀ á tún wálẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbà pé kò tíì mú un wá.

Ohun tó máa wọ ọwọ́ rẹ̀ ni ₦166,400. Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ní ìparí oṣù nìyí, kí owó kankan tó jáde ní báńkì:

```
Dẹ́bíìtì   Ìnáwó owó oṣù                  200,000
Dẹ́bíìtì   Ìnáwó ìfẹ̀yìntì agbanisíṣẹ́      20,000
Kírẹ́díìtì Gbèsè owó ìfẹ̀yìntì              36,000
Kírẹ́díìtì Gbèsè owó orí                   17,600
Kírẹ́díìtì Gbèsè owó oṣù                  166,400
```

Apá méjèèjì jẹ́ ₦220,000. Iye tí òṣìṣẹ́ yìí ná iléeṣẹ́ lóṣù náà gan-an nìyẹn, kì í ṣe ₦166,400, kì í sì í ṣe ₦200,000. Ẹ wo ₦36,000 yẹn dáadáa: ₦16,000 òṣìṣẹ́ àti ₦20,000 agbanisíṣẹ́ ló pàdé lójú ìwé gbèsè kan ṣoṣo, torí ibì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Àmọ́ ìnáwó méjèèjì kò jọra. ₦16,000 ti wà nínú ₦200,000 tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò ní ìnáwó tirẹ̀ lọ́tọ̀. ₦20,000 kò sí nínú rẹ̀, àfi kí ẹ dìídì kọ ọ́. Ẹni tó bá yọ ìdá mẹ́wàá yẹn lára owó òṣìṣẹ́ ti ru òfin, torí òṣìṣẹ́ ló fi san ìpín agbanisíṣẹ́.

Tí owó bá wá ń jáde, ẹ má ṣe kọ ìnáwó kankan mọ́. Gbèsè lẹ ń san. Ẹ fi dẹ́bíìtì ₦166,400 pa gbèsè owó oṣù rẹ́, kí ẹ fi kírẹ́díìtì sí báńkì. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje sí ọjọ́ tí ẹ san owó oṣù, ₦36,000 gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Tó bá pẹ́, owó ìtanràn kò ní dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kọ̀ọ̀kan, ìnáwó iléeṣẹ́ sì ni. Owó orí, ₦17,600, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni ín: ẹni tó ń gbé ní Mọ́wé tó ń wá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe Èkó.

Ojú ìwé gbèsè owó ìfẹ̀yìntì ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá nǹkan ti bàjẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá san án, òdo ló yẹ kó kù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ₦20,000 ló kù ní apá dẹ́bíìtì, ẹ san ìpín agbanisíṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹ kò kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ₦20,000 ló kù ní apá kírẹ́díìtì, ẹ kọ ọ́ ṣùgbọ́n ti òṣìṣẹ́ nìkan lẹ san. Tó bá sì jẹ́ ₦36,000 ló ń gorí ara wọn lóṣooṣù nígbà tí rìsíìtì fi hàn pé ẹ ti san án, akọ̀wé owó yín ń kọ ohun tí ẹ san bí ìnáwó lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó orí náà, ìnáwó lórí òṣìṣẹ́ kan á di ₦273,600 dípò ₦220,000, èrè yín á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tó ń kọ iye tó wọ báńkì nìkan kò ní ojú ìwé tó máa kìlọ̀ fún un bẹ́ẹ̀. Ìparí ọdún ni tirẹ̀ máa ń hàn. Ká ní iléeṣẹ́ kan ní ogún òṣìṣẹ́ irú èyí, tó san owó oṣù ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kejìlá, tó sì di oṣù kìíní kó tó san ìyókù. ₦53,600 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, lọ́nà ogún, jẹ́ ₦1,072,000. Gbèsè tó jẹ lọ́jọ́ tí ọdún parí nìyẹn, kò sì sí níbì kankan nínú ìwé rẹ̀. Owó náà ṣì wà ní báńkì lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá á rí i, á rò pé tòun ni, á sì fi ra ọjà.