Bí Ogún Dọ́là Lóṣù Ṣe Ń Di Iye Mìíràn Nínú Àkáǹtì Náírà

Ká ní ilé iṣẹ́ kan l'Amẹ́ríkà kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé 20 dọ́là lóṣù ni òun ń gbà. Ẹni tó fẹ́ fi káàdì náírà san án wo iye tí dọ́là ń lọ lórí Google, ó rí 1,500 náírà, ó sì fọkàn sí 30,000. Nígbà tí àlẹ́ẹ̀tì báńkì dé, 34,400 ló bá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó jí owó rẹ̀. Owó-orí àti iye tí báńkì fi ṣẹ́ dọ́là ni ìyàtọ̀ náà ti wá, a sì lè tọpa rẹ̀ títí dé kọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn.

Owó-orí ló kọ́kọ́ wọlé. Láti oṣù Kejì ọdún 2020 ni VAT Nàìjíríà ti kúrò ní ìdá 5 bọ́ sí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń ta nǹkan fún ará Nàìjíríà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà sì ń gbà á. Àwọn kan ti kà á mọ́ iye tí wọ́n kọ síta, àwọn mìíràn kì í fi hàn àfìgbà tí èèyàn bá kọ àdírẹ́sì rẹ̀ tán níbi ìsanwó. Lórí 20 dọ́là, VAT jẹ́ dọ́là kan àti àádọ́ta sẹ́ǹtì, ohun tí wọ́n máa yọ lórí káàdì wá di 21.50. Rìsíìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí ímeèlì ló máa ń fi èyí hàn, kì í sí nínú àlẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà náà ni ṣíṣẹ́ owó kàn. Báńkì ilé iṣẹ́ náà á béèrè 21.50 dọ́là lọ́wọ́ Visa tàbí Mastercard, àwọn wọ̀nyí á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ báńkì tó fún oníbàárà ní káàdì. Báńkì yìí á san dọ́là, á sì yọ náírà lọ́wọ́ oníbàárà ní iye tí òun fúnra rẹ̀ yàn lọ́jọ́ náà. Iye orí Google kò kan án. Àárín iye tí wọ́n ń ra dọ́là àti iye tí wọ́n ń tà á ni Google ń mú, báńkì kankan kì í sì í ta dọ́là ní àárín yẹn. Bí báńkì inú àpẹẹrẹ wa bá ta tirẹ̀ ní 1,600, a ó sọ 21.50 di ìlọ́po 1,600, á sì jẹ́ 34,400 gẹ́lẹ́. Àwọn báńkì kan tún ń yọ owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ nínú àlẹ́ẹ̀tì kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò mọ́ ọn.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ ibi tí a dúró ni kí a kó gbogbo ohun tó jáde jọ, kí a fi iye tí wọ́n kọ síta pín in. 34,400 tí a fi 20 pín jẹ́ 1,720. Iye tí dọ́là ń lọ gan-an fún oníbàárà yìí nìyẹn, òun ló sì yẹ kó fi wé ọ̀nà ìsanwó mìíràn.

Ọjọ́ tí a tẹ ìsanwó kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ń ṣẹ́ owó náà tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, báńkì kàn dá owó náà dúró ni. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni ìbéèrè gidi máa ń dé, iye tí dọ́là ń lọ lọ́jọ́ tó dé yẹn ni wọ́n sì lè fi ṣẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí àlẹ́ẹ̀tì kékeré kan fi lè tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú láìjẹ́ pé a ra ohunkóhun. Nígbà tí náírà bá dúró síbi kan, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní June 14, 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí ọjà máa sọ iye dọ́là. Ṣáájú ọjọ́ náà, bí 470 náírà ni iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Ogún dọ́là kan náà kúrò ní nǹkan bí 9,400, ó di 30,000, ẹni tó ń tajà kò sì fi sẹ́ǹtì kan kún un.

Àwọn ojú ìwé kan á béèrè bóyá NGN tàbí USD la fẹ́ fi san. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Bí iye NGN náà bá ń yí padà lójoojúmọ́, ẹni tó ń bá wọn gbowó ló ń ṣẹ́ dọ́là fún wa, á sì ti fi èrè tirẹ̀ lé e. Báńkì wa sì tún lè ka owó náà sí ti òkèèrè, kó yọ owó iṣẹ́ rẹ̀. USD ló sàn jù níbẹ̀. Ti Spotify tàbí Netflix yàtọ̀ pátápátá: iye náírà tí wọ́n dá fún Nàìjíríà ni, bí Spotify ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 900 náírà lóṣù ní 2021, kì í sì í bá dọ́là yí lójoojúmọ́. Ìyẹn ni kí èèyàn mú bó bá rí i.

Ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀. Wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ yúrò ní 655.957, nítorí náà ohun tó jẹ́ 20 yúrò kò ní ju 13,119 sẹ́fà àti owó iṣẹ́ báńkì lọ. Bí wọ́n bá fi dọ́là dá iye ọjà nìkan ni ìṣirò tún máa ń yí.

Òdíwọ̀n orí káàdì ni wàhálà mìíràn. Ní 2022, àwọn báńkì Nàìjíríà kan dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókèèrè kù sí 20 dọ́là lóṣù. Ìsanwó 20 dọ́là tó ní VAT lórí kò lè gba ibẹ̀ kọjá, nítorí 21.50 ni. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ wọn ti dá a dúró pátápátá, ó sì di 2025 kí àwọn kan tó ṣí i padà.

Ibẹ̀ ni káàdì dọ́là orí fóònù ti gbilẹ̀. Iye tirẹ̀ lè dín sí ti báńkì, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbowó nígbàkúùgbà tí a bá fi owó sí i. Ká ní 1,570 ni wọ́n ń ta dọ́là, tí wọ́n sì ń gba dọ́là kan fún ìfowósí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi owó oṣù kan sí i á san 22.50 dọ́là, ìyẹn 35,325 náírà, ó ju ti báńkì lọ. Bó bá fi owó oṣù mẹ́ta sí i lẹ́ẹ̀kan, 65.50 dọ́là ni, bíi 34,278 lóṣù kọ̀ọ̀kan, ó wá dín díẹ̀. Ẹni tó fi 20 gééré sí i, ìsanwó rẹ̀ kò ní lọ, àwọn kan á tún gba owó ìtanràn fún èyí tí kò lọ yẹn, bó bá sì ṣẹlẹ̀ léraléra, wọ́n lè ti káàdì náà pa.

Bí a bá fagi lé ohun tí a rà tí wọ́n sì dá owó padà, dọ́là ló padà, kì í ṣe náírà. Báńkì lè fi iye tí òun ń ra dọ́là ṣẹ́ ẹ, ká ní 1,480. Lórí 21.50, 31,820 náírà ló máa wọlé, 2,580 ti bọ́ sọ́nà. Ilé iṣẹ́ òkèèrè á ní òun dá gbogbo rẹ̀ padà, òótọ́ sì ni. Báńkì ni kí a bi léèrè iye tí wọ́n fi ṣẹ́ ẹ nígbà tó jáde àti nígbà tó wọlé.