Omi iyọ̀ àti síǹkì fún ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé

Ìgbẹ́ gbuuru ni kí ọmọ yàgbẹ́ olómi tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ náà jáde ló léwu jù. Ohun tí a fi ń dá wọn padà ni Ó-Áà-Ẹ́ẹ̀sì, ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí wọ́n fi iyọ̀, gulukóòsì, pọ̀táṣíọ̀mù àti sítíréètì ṣe. Gulukóòsì inú rẹ̀ kì í ṣe fún adùn. Òun ló ń mú iyọ̀ wọ inú ara láti inú ìfun, omi a sì tẹ̀ lé iyọ̀ náà, kódà nígbà tí ìgbẹ́ kò tíì dá.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún lítà omi kan, àmọ́ àwọn kéékèèké wà, nítorí náà ó yẹ kí á ka ara rẹ̀. Ní Nàìjíríà, piọ́ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50 sẹ̀ǹtílítà ló ń pé lítà kan. Bí omi bá kéré jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ga jù. Bí ó bá pé wákàtí 24, kí á da èyí tó kù nù.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ oṣù mẹ́wàá tó wọn kílò 8. Ojú rẹ̀ ti jìn, ara rẹ̀ kò balẹ̀, ó ń fi ìwọra mu omi, bí a bá sì fa awọ ikùn rẹ̀, ńṣe ló ń rọra padà. Mílílítà 75 fún kílò kan ni ìwọ̀n Ó-Áà-Ẹ́ẹ̀sì tó tọ́ sí i: èyí jẹ́ 600 láàárín wákàtí mẹ́rin, lójú òṣìṣẹ́ ìlera, ṣíbí tíì kan ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bó bá bì, kí á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí á wá máa fún un díẹ̀díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, mílílítà 50 sí 100 ni fún ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmú kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Ọmọ tí kò lè mu nǹkan mọ́, tàbí tó ń sùn ṣáá tí kò ṣeé jí, dírípù ló tọ́ sí i ní ilé ìwòsàn kíákíá.

Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Yúnísẹ́ẹ̀fù fi síǹkì kún ìtọ́jú yìí: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. A lè yọ́ oògùn náà nínú ṣíbí omi ọmú. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń dá a dúró ní ọjọ́ kẹta tí ìgbẹ́ bá ti dá. Àṣìṣe ni, torí àwọn ọjọ́ tó kù ló ń dín ìgbẹ́ gbuuru mìíràn kù fún oṣù méjì sí mẹ́ta.

Fáírọ́ọ̀sì, bíi rótà, ló ń fa púpọ̀ nínú ìgbẹ́ olómi ọmọdé. Fílájìlì àti tẹ́tírà kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Oògùn apakòkòrò tilẹ̀ lè fa ìgbẹ́ gbuuru fúnra rẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbẹ́, tí wọ́n bá fura sí kọ́lẹ́rà tó ti gbẹ ọmọ gidigidi, tàbí tí àìsàn mìíràn bíi nimóníà bá wà níbẹ̀, kí dókítà tó kọ ọ́.