Ìdá 10 fún gbogbo nǹkan: ibi tí àwòrán ààjà ti ń ṣì wá lọ́nà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń bá ènìyàn ṣe ìṣirò òwò ló gbà pé tí a bá fẹ́ mọ ohun tó ń darí èrè jù, ká kàn mú iye kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò, ká fi ìdá 10 nínú 100 kún un, ká tún yọ ìdá 10 kúrò, ká wo èyí tó mi èrè jù. Ó dà bí ẹni pé kò sí ojúsàájú níbẹ̀, torí ìwọ̀n kan náà la fi wọn gbogbo wọn. Èmi náà ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Àṣìṣe ni, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláàgàrí kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló sì là mí lójú.

Wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ó fi máa rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n ó fi máa fún un, kí wọ́n sì kọ́ àtíbàbà lé e. Mo ti mú kí àwọn iye wọn bọ́ sí geere kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ àti àtíbàbà jẹ́ mílíọ̀nù 6 fránkì. Lọ́dún kan wọn ó ra tọ́ọ̀nù 150 ẹ̀gẹ́ ní fránkì 30 kìlóò kan. Kìlóò 100 ẹ̀gẹ́ á di kìlóò 22 gàrí, wọn ó sì ta gàrí ní fránkì 300 kìlóò kan. Owó òṣìṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 2, igi ìdáná, epo ẹ̀rọ àti àpò jẹ́ 900 000. Tí a bá yọ ìnáwó kúrò nínú ohun tí wọ́n tà, mílíọ̀nù 2.5 ló ń kù lọ́dún, fún ọdún 5 tí ẹ̀rọ náà á fi ṣiṣẹ́. Owó tó ń bọ̀ lọ́dún mẹ́ta kò tó owó tó wà lọ́wọ́ lónìí, nítorí náà a fi ìdá 12 nínú 100 gé e lọ́dọọdún. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń sọ Faransé, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí:

```
=VA(12%;5;-2500000)-6000000
```

Ó fún wa ní mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀. Iye tí iṣẹ́ náà fi kọjá owó tí wọ́n kó lé e nìyẹn, òun ni mo ń pè ní èrè níhìn-ín.

Lẹ́yìn èyí la wá ń yẹ iye wò lọ́kọ̀ọ̀kan: a yí ọ̀kan padà, a fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, a kọ iye tuntun tó wá dípò mílíọ̀nù 3 yẹn sílẹ̀, a dá a padà, ó di èyí tó kàn. A ó fa ìlà òró kan síbi mílíọ̀nù 3, a ó sì fa ọ̀pá ìbú kan fún ohun kọ̀ọ̀kan, láti ibi tó burú jù dé ibi tó dára jù. Ọ̀pá tó gùn jù wà lókè, èyí tó kúrú jù wà nísàlẹ̀, bí ààjà tó fẹ̀ lókè tó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń pè é ní àwòrán ààjà nìyẹn.

Pẹ̀lú ìdá 10 yẹn, iye tí a ń ta gàrí àti bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń di gàrí tó ni wọ́n jọ wà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mi èrè ní bíi mílíọ̀nù 3.6 sókè tàbí sísàlẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n dọ́gba, torí iye owó kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ di púpọ̀. Iye tí a ń ra ẹ̀gẹ́ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú mílíọ̀nù 1.6. Owó òṣìṣẹ́ jẹ́ 720 000, ẹ̀rọ jẹ́ 600 000. Mo fi hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ iye gàrí.

Ìyá tó jẹ́ olórí wọn wo ọ̀pá ti ẹ̀rọ, ó ní, “Ọmọ mi, a ti gba iye ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Báwo ló ṣe fẹ́ fi 600 000 kún un?”

Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ìdá 10 kì í ṣe ohun kan náà fún ohun gbogbo. Iye tó wà nínú ìwé kò lè sún tó bẹ́ẹ̀, iye tí òjò ń darí sì lè sún ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tó ń mú ọ̀pá gùn jẹ́ méjì: bí èrè ṣe ń gbọ̀n tó tí iye náà bá yí, àti bí iye náà fúnra rẹ̀ ṣe lè yí tó. Ìdá 10 ń fi àkọ́kọ́ hàn wá, ó sì ń pa èkejì mọ́ wa lójú.

Mo wá yí ìbéèrè mi padà. Mo ní, “Ẹ̀yin màmá, tí ẹ bá ka ọdún mẹ́wàá, iye wo ni ẹ̀gẹ́ kì í wọ́n kọjá, àyàfi lọ́dún kan ṣoṣo? Iye wo ni kì í rọ̀ kọjá, àyàfi lọ́dún kan?” Ìpíndọ́gba ọdún ni mo bi wọ́n, kì í ṣe iye ọjọ́ ọjà kan, torí ìpíndọ́gba ló wà nínú ìṣirò. Wọ́n jiyàn díẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n sì fẹnu kò sí 45 àti 22. Wọ́n ní gàrí kì í kọjá 330, kì í sì í wálẹ̀ kọjá 270. Nígbà tó kan bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń di gàrí, ìyá náà mú ẹ̀gẹ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fi ọwọ́ pa ojú ibi tó ti ṣẹ́, omi sì yọ. Ó ní bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí igi ẹ̀gẹ́ ń yọ ewé tuntun, omi ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, gàrí rẹ̀ á sì dín. Láàárín 20 sí 24 ni wọ́n pè é.

Àwòrán náà yí padà pátápátá. Ẹ̀gẹ́ gun orí gbogbo wọn. Tó bá di 45, mílíọ̀nù 8.1 ló bọ́ lára èrè. Tó bá di 22, mílíọ̀nù 4.3 ló wọlé. Ọ̀pá náà kò dọ́gba lápá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, torí ọ̀wọ́n gógó ẹ̀gẹ́ jìnnà sí 30 ju ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀pá ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. A tún wá iye ẹ̀gẹ́ tí èrè fi ń di òdo: fránkì 35 àti ààbọ̀. Wọ́n ti ra á ju bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dúró sí pẹ́ nìyí. Àwòrán ààjà ń yí ohun kan ṣoṣo, ó ń ṣe bí ẹni pé ìyókù dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ọdún tí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n, ṣé gàrí á dúró sí 300? Rárá o. Tí ẹ̀gẹ́ bá di 45 tí gàrí sì gòkè dé 330, àdánù wọn á jẹ́ mílíọ̀nù 1.5, kì í ṣe mílíọ̀nù 5.1 tí ọ̀pá náà ń fi hàn. Tí gàrí bá tẹ̀ lé e dé 360, èrè ṣì kù bíi mílíọ̀nù 2. Nítorí náà ọ̀pá tó gùn jù lórí àwòrán wa kò tíì sọ òtítọ́ tán. Tí iye méjì bá jọ ń rìn, ẹ má ṣe fa ọ̀pá méjì fún wọn. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì: tí kìlóò ẹ̀gẹ́ bá fi fránkì kan wọ́n sí i, fránkì mélòó ni gàrí ń fi gòkè? Iye yẹn ni kí ẹ máa yí.

A kò ní èsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ìwé kan ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rà sí, òmíràn ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n tà sí, kò sì sí déètì nínú ọ̀kankan. Akọ̀wé wọn la ìwé tuntun ní mẹ́ta níṣojú mi: ọjọ́ ọjà, iye owó kìlóò ẹ̀gẹ́ kan, iye owó kìlóò gàrí kan. Wọ́n ní àwọn kò ní san owó àsansílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ títí ìwé náà á fi rí ìgbà òjò kan àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan.