Ojú ní ìdákẹ́jẹ́ àti ìṣesí irun òkè ojú

Ojú ní ìdákẹ́jẹ́ ni ìrísí tí ojú èèyàn máa ń ní nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò bínú, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìrísí yìí ni àwọn tó ń wo èèyàn fi ń pe ẹnì kan ní ọlọ́yàyà, tí wọ́n fi ń pe ẹlòmíràn ní olójú líle tàbí ẹni tó ti rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú onítọ̀hún lè má mọ nǹkan kan nípa ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ. Ìdájọ́ náà kì í pẹ́ rárá: ìwádìí tí Janine Willis àti Alexander Todorov gbé jáde ní 2006 fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó fún èèyàn láti pinnu irú ẹni tí òun rò pé ẹni tí òun ń wò jẹ́.

Irun òkè ojú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣan tó tẹ́ sí iwájú orí ló ń gbé e sókè. Iṣan kékeré mìíràn, tó wà níbi tí irun náà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ló ń fà á wálẹ̀ tó sì ń fún un pọ̀, títí ìlà tóóró yóò fi dúró sí àárín ojú méjèèjì. Ẹni tí irun òkè ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ láti inú oyún wá dà bí ẹni tó fẹ́ fajúro, àwọn èèyàn a sì kà á bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn ṣe gbé orí pàápàá ń dá kún un. Télọ̀ tó tẹ orí ba lórí ẹ̀rọ, tó kàn gbé ẹyinjú sókè láti dáhùn ìkíni, máa ń dà bí ẹni tó lejú koko, nítorí pé títẹ orí ba mú kí irun òkè ojú dà bí èyí tó sọ̀ wálẹ̀, láìjẹ́ pé iṣan kankan ṣiṣẹ́.

Ohun tó sábà máa ń sọ fífún irun ojú pọ̀ di àṣà ni oòrùn àti àìríran dáadáa. Ká mú àpẹẹrẹ obìnrin ẹni ọdún 48 kan tó ń ta aṣọ òfì ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Láàárín aago 8 sí aago 10 òwúrọ̀, oòrùn a máa ta sí i lójú, òun náà a sì fún ojú pọ̀. Tó bá fẹ́ yẹ àwọ̀ òwú wò, á na ọwọ́ jìnnà kó tó rí i, ojú á tún fún pọ̀. Oníbàárà á ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?” Inú kò sì bí i. Kó lè mọ ohun tó ń fà á, kó jókòó síbi òjìji, kó kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, kó máa wo ọ̀nà jíjìn fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí ọmọ rẹ̀ sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí ìlà àárín ojú bá rọ̀, oòrùn wà nídìí rẹ̀, tapólì níwájú ìsọ̀ á sì ràn án lọ́wọ́. Bí ìlà náà bá padà dé ní kété tó mú òwú, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe jígí ìkàwé ló nílò. Ìlà tó ti wọ awọ ara láti ọdún pípẹ́ lè má parẹ́, àmọ́ kò ní máa jinlẹ̀ mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Irun òkè ojú tó máa ń wà lókè nígbà gbogbo tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó lè jọ ọ̀yàyà tàbí ìyàlẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ìpéǹpéjú ló ti rọ̀ sílẹ̀ tí iwájú orí sì ń bá a gbé ẹrù. Ẹni tó bá fura lè rọra dijú, kó fi ìka di irun òkè ojú mú mọ́ eegun, kó wá ṣíjú. Bí ìpéǹpéjú bá sọ̀ kalẹ̀, tó bo dúdú ẹyinjú ju bó ṣe ń bò ó tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ṣubú lójijì, pàápàá tí èèyàn bá ń rí ohun kan ní méjì tàbí tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ní ti ojú tó rẹ̀, àwọn olùwádìí ní Sweden ya fọ́tò èèyàn 10 lẹ́yìn oorun wákàtí 8, wọ́n sì tún yà wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti wà lójúfò fún wákàtí 31. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2013, àwọn 40 tó wo fọ́tò náà rí i pé ìpéǹpéjú wọn rọ̀, ojú wọn pọ́n, ó sì wú, abẹ́ ojú ṣú, igun ẹnu sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tún rò pé inú àwọn èèyàn náà bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò fi lè máa bi ọdẹ tó ṣọ́nà mọ́jú pé kí ló bà á nínú jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹní nìkan ni ọdẹ ń wá.