1:160 lórí ìwé èsì Wídáàlì: kí ló ń sọ gan-an?

Ìwé èsì Wídáàlì kan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ló dá ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀. Wọ́n kọ "O 1:160, H 1:320" sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Dókítà tó wò ó lẹ́yìn náà ní ìwé yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ṣé kòkòrò náà ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi?

Rárá o, Wídáàlì kì í wá kòkòrò.

Kí ló wá ń wá?

Àwọn ọmọ ogun tí ara ń pèsè láti bá Sàmónẹ́là jà, kòkòrò tó ń fa ibà yìí. Àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ èèpo ara kòkòrò náà, àwọn ni O. Àwọn mìíràn ń lẹ̀ mọ́ ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn ni H. Ní 1896 ni Fẹ́nán Wídáàlì, dókítà ará Faransé, fi hàn pé bí a bá po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ kòkòrò yìí, àwọn kòkòrò náà á ṣù pọ̀ débi tí ojú á fi rí i.

Nọ́ńbà 1:160 ńkọ́?

Wọ́n ń fi omi iyọ̀ la omi ẹ̀jẹ̀ náà ni. Ìdá kan nínú ogún ni 1:20. Wọ́n á tún là á ní ìlọ́po méjì sí 1:40, 1:80, 1:160, títí lọ. Ibi tó ti ṣù kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ. Nọ́ńbà ńlá fi hàn pé ọmọ ogun pọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí wọ́n dé, kò sì sọ ohun tó pè wọ́n jáde.

Báwo ni èsì ṣe lè ga tó báyìí kó má jẹ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun?

Ibí yìí ni ìṣìnà ti pọ̀ jù. Ẹni tó ti ṣe àìsàn náà rí lè gbé H kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn Sàmónẹ́là mìíràn, tí kì í fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ní irú èèpo ara kan náà, nítorí náà ọmọ ogun tí wọ́n pè jáde á lẹ̀ mọ́ eléyìí náà. Ibà màlérìà pẹ̀lú lè gbé nọ́ńbà sókè. Níbi tí àìsàn yìí bá sì ti wọ́pọ̀, ara ẹni tó le koko pàápàá lè ní 1:80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi tí a bá mọ iye tí àwọn aláìláìsàn àdúgbò náà máa ń ní ni 1:160 tó ní ìtumọ̀.

Ọwọ́ tó ṣe àyẹ̀wò náà tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, láàárín bí ìṣẹ́jú kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà á. Bó bá pẹ́ tó gbẹ, á dà bí ohun tó ṣù.

Ṣé ó lè rẹlẹ̀ kí àìsàn náà sì wà lára mi?

Bẹ́ẹ̀ ni. O kì í sábà hàn kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, H sì ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ kẹta ibà lè gba èsì tó mọ́. Oògùn apakòkòrò tí a tètè lò náà lè má jẹ́ kí nọ́ńbà gòkè.

Kí ni kí n ní kí wọ́n ṣe?

Kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ ní yàrá àyẹ̀wò, kí kòkòrò fúnra rẹ̀ lè hù jáde. Kó tó di pé o lo oògùn apakòkòrò ni kí wọ́n gbà á, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bó bá ṣeé ṣe. Òun náà máa ń pàdánù àwọn kan, ṣùgbọ́n bí Sàmónẹ́là ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá hù, ọ̀rọ̀ parí.

Bí kò bá sí irú àyẹ̀wò yẹn, ẹ tún Wídáàlì ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ní yàrá àyẹ̀wò kan náà. Ká ní O jẹ́ 1:80 lákọ̀ọ́kọ́, tó wá di 1:320: ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, ẹ̀rí tó lágbára ni. Bó bá jẹ́ 1:160 ló dà, ẹ má kà á sí, nítorí ojú méjì lè wo ìgò kan náà kí wọ́n fi ìpele kan yàtọ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ "O 1:160, H 1:320" lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ti kọjá ni ara rẹ̀ ń rántí. Dókítà kò ní dúró de èsì kejì kó tó tọ́jú ẹni tí àmì àìsàn hàn lára rẹ̀.

Mo ti parí oògùn, ara mi ti yá, Wídáàlì ṣì ga. Ṣé kí n tún oògùn lò?

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà náà lè ga fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìwòsàn. A kì í fi Wídáàlì mọ̀ bóyá àìsàn ti lọ.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù?

Ohun méjì. Èkíní ni pé kí èsì gíga bo màlérìà mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ṣe àyẹ̀wò màlérìà bí ẹ bá ń gbé níbi tó wà tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Èkejì ni pé kí èsì rírẹlẹ̀ fi yín lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí ibà ń bá a lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí a kò tọ́jú lè dá ìfun lu. Bí inú bá ṣàdédé ń dun aláìsàn gan-an tí ó sì le, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, tàbí tó bá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí ìwé Wídáàlì wí.